Ẹ̀jẹ̀ Orí Òkè Kì í Pẹ́ Ní Ìsàlẹ̀

Kò sí òkè ní Victoria Garden City. Ẹni tó bá sáré yí gbogbo àdúgbò wa ká, láti ẹnu géètì tó kọjú sí ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ títí dé ẹ̀yìn lẹ́bàá omi, kò ní rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí yóò mú un mí hẹlẹ. Mítà díẹ̀ péré ni ilẹ̀ wa fi ga ju ojú òkun lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òkè ni ó máa ń gba ẹnu àwa tí a jọ ń sáré ní ìdájí, pàápàá nígbà tí eré Máratọ́ọ̀nì Ìlú Èkó bá ń sún mọ́lé. Láti ọdún 2016 tí eré ìje náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Etiópíà ni wọ́n sábà máa ń gba ipò kìíní, orí òkè sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbáradì.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tí a jọ ń sáré ti ń tọ́jú owó láti lọ gbé oṣù kan ní Iten, ìlú àwọn sárésáré ní ìwọ̀ oòrùn Kẹ́ńyà. Oṣù Ọ̀wàrà ni ó fẹ́ lọ, nítorí ìgbà náà ni ìsinmi iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí. Oṣù Èrèlé sì ni eré ìje. Ó mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó bi mí pé: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ pé 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lò láyé. Bí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ tuntun ní Iten ní oṣù Ọ̀wàrà, ṣé kò ní gbé mi dé oṣù Èrèlé ni?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Òótọ́ ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń gbé tó oṣù mẹ́rin. Ṣùgbọ́n èrè tí ènìyàn bá gbà lórí òkè kì í tó oṣù mẹ́rin. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá ti kọjá lẹ́yìn tí ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ìdáhùn rẹ̀ ni ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó san owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ máa ń dín kù bí a bá gun òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn jẹ́ nínú afẹ́fẹ́, ìbáà ṣe ní Ajah tàbí ní Iten. Ohun tó dín kù ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Iten fi nǹkan bí mítà 2,400 ga ju ojú òkun lọ, agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti Èkó lọ. Nítorí náà, gbogbo èémí tí ènìyàn bá fà sínú níbẹ̀ ni ọ́síjìn rẹ̀ dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin.

Gíga yìí ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo òkè ni ó ń yí ẹ̀jẹ̀ padà. Láti nǹkan bí mítà 2,000 lọ sókè ni ìyípadà tó nítumọ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀, ibi tí àwọn olùkọ́ni sì fẹ́ràn jù wà láàárín mítà 2,000 sí 2,500. Jọ́ọ̀sì kò ju nǹkan bí mítà 1,200 lọ. Òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River, tí a ti mọ̀ fún eré ìje gígun òkè, wà ní nǹkan bí mítà 1,600. Òkè Ìdànrè tiwa kò tilẹ̀ tó mítà 1,000. Ènìyàn lè sáré ní àwọn ibi wọ̀nyí kí itan rẹ̀ le dáadáa, kí ó sì gbádùn atẹ́gùn tútù, ṣùgbọ́n kí ó má retí kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ní ọ̀nà tí ó lè hàn kedere.

Nígbà tí ẹni tó ti Èkó lọ bá dé Iten, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan yá, ó sì ń tan ni jẹ. Èkejì falẹ̀, òun sì ni èrè gidi.

Èyí tó yá ni pé omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ènìyàn ń mí kíákíá nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, ó ń tọ̀ léraléra, ara pàápàá sì ń mú omi kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni náà bá lọ ṣe àyẹ̀wò PCV ní ọjọ́ kẹta, tí ó ti jẹ́ 42 nígbà tí ó kúrò nílé, ó ṣeé ṣe kí ó rí 45. Yóò yọ̀, yóò sì pe ilé pé ẹ̀jẹ̀ òun ti ń pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì ní sẹ́ẹ̀lì tuntun tó ṣeé kà sí nǹkan. Ohun tí PCV ń sọ fún wa ni ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sọ iye gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ara. Bí omi ọbẹ̀ bá gbẹ, ẹran yóò dà bíi pé ó pọ̀ sí i nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fi ẹran kún un.

Ìtànjẹ yìí tún máa ń wáyé ní ìdàkejì. Bí ènìyàn bá padà sí Èkó, omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, PCV rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á wá máa kígbe pé owó òun ti ṣòfò, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ó gbà lórí òkè ṣì wà níbẹ̀, omi ni ó kàn yí wọn ká. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í fi PCV ṣe ìdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àròpọ̀ hẹmogilóbíìnì inú gbogbo ara ni wọ́n ń wọ̀n. Hẹmogilóbíìnì ni èròjà pupa inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé ọ́síjìn kiri. Wọn yóò mú kí ènìyàn fa ìwọ̀nba kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì díẹ̀ sínú fún ìṣẹ́jú méjì. Èyí ni gáàsì olóró kan náà tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Yóò lẹ̀ mọ́ hẹmogilóbíìnì, wọn yóò sì fi bí ó ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ṣírò àròpọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò ni, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń dán wò nílé.

Ìyípadà kejì, èyí tó falẹ̀, ti inú kíndìnrín bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín ni ó máa ń ṣọ́ bóyá ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ tó. Bí ó bá rí i pé ó dín kù, láàárín wákàtí díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mónù kan tí a ń pè ní EPO sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mọ̀ pé ọ́síjìn ti dín kù ni wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn dá William Kaelin, Peter Ratcliffe àti Gregg Semenza lọ́lá ní ọdún 2019. EPO yóò ga jù lọ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, lẹ́yìn náà yóò máa rọra lọ sílẹ̀. Mùdùnmúdùn inú eegun ni EPO ń bá sọ̀rọ̀: ó ń sọ fún un pé kí ó ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa sí i. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í dàgbà ní ọjọ́ kan. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn tuntun tó máa jáde dáadáa. Ìdí nìyí tí ìrìn àjò ọlọ́sẹ̀ kan kò fi lè mú èrè ẹ̀jẹ̀ kan wá, tí àwọn olùkọ́ni sì máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Báwo ni èrè náà ṣe pọ̀ tó? Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń lò ni pé, ní ibi tó ga ju mítà 2,000 lọ dáadáa, àròpọ̀ hẹmogilóbíìnì máa ń pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú 100 fún 100 wákàtí tí ènìyàn bá lò níbẹ̀. Wákàtí 672 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹlòmíràn yóò gba ìdá mẹ́fà, ẹlòmíràn yóò gba mẹ́ta, àwọn kan kò sì ní gba nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ìdá márùn-ún fún àbúrò wa yìí. Bí àròpọ̀ hẹmogilóbíìnì rẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 800 nígbà tí ó kúrò ní VGC, yóò jẹ́ gíráàmù 840 nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Iten. Gíráàmù 40 yìí ni èrè rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí gíráàmù 40 náà ṣe ń lọ. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbé 120 ọjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí gbogbo wọn. Àwọn kan ń kú lónìí, àwọn kan yóò kú lọ́la. Bí a bá pín gíráàmù 840 sí ọ̀nà 120, a ó rí i pé gíráàmù méje ń kú lójoojúmọ́. Kí iye náà má bàa dín kù, mùdùnmúdùn gbọ́dọ̀ máa ṣe gíráàmù méje mìíràn rọ́pò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kò ní ṣe é. Nígbà tí àbúrò wa bá dé Èkó, kíndìnrín rẹ̀ yóò rí i pé ọ́síjìn pọ̀ yanturu, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ. Yóò dín EPO kù, yóò tilẹ̀ dín in sí ìsàlẹ̀ iye tí ó wà kí ó tó rin ìrìn àjò. Mùdùnmúdùn yóò wá fà sẹ́yìn nínú iṣẹ́. Ká ní ó ń ṣe gíráàmù márùn-ún àti ààbọ̀ lójúmọ́ dípò méje, gíráàmù kan àti ààbọ̀ ni yóò máa dín kù lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹtàlá, nǹkan bí 20 ti lọ, ìdajì ni ó kù. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, 40 ti parí. Àpèjúwe ni àwọn nọ́ńbà yìí, ara kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bá ohun tí àwọn olùwádìí ń rí mu. Ohun tó dáhùn ìbéèrè àbúrò mi nìyí: sẹ́ẹ̀lì kò kú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, bí kò ṣe pé àwọn tó ń kú kò rí arọ́pò tó.

Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí EPO bá já wálẹ̀ lójijì, ara máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kéré jù lọ́jọ́ orí, èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó padà bọ̀ láti òfuurufú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ohun tó jọ ọ́ lára àwọn tí wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè gíga ní Peru. Ìwọ̀n ipa tí èyí ń kó nínú ọ̀rọ̀ sárésáré ṣì ń fa àríyànjiyàn.

Ṣé àwọn ọmọ Kẹ́ńyà tí a bí sórí òkè yàtọ̀? Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí ní Jámánì tẹ àbọ̀ iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn sárésáré láti agbègbè Eldoret, tí wọ́n gbé ní ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ fún 40 ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n dé kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn sárésáré Jámánì lọ, bí ọjọ́ sì ti ń lọ ni ó ń dín díẹ̀díẹ̀. Òfin ara kan náà ló de gbogbo wa.

Nígbà náà, ìgbà wo ni ó yẹ kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó sáré? Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni gbà pé ìgbà méjì ni ó dára: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, tàbí láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Láàárín àwọn àkókò méjèèjì, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wúwo, mímí wọn sì ń wá ìlànà tuntun. Ṣùgbọ́n Èkó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni ooru. Iten tutù lówùúrọ̀. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sínú ọ̀rinrin Èkó ní ọjọ́ kejì, tí ó sì fẹ́ sáré kìlómítà 42, ń fi ara rẹ̀ wéwu, nítorí ó máa ń gba ara ní ọjọ́ 10 sí 14 kí ó tó mọ bí a ti ń làágùn dáadáa nínú ooru. Nítorí náà, àyè tí ó ṣẹ́ kù fún ẹni tí yóò sáré ní Èkó há díẹ̀: kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ooru lè bá ara rẹ̀ mu, kí èrè ẹ̀jẹ̀ má sì tíì tán.

Bí eré ìje bá bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé, kí ó gun òkè ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Èrèlé. Oṣù Ọ̀wàrà kò bá a mu rárá. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó bẹ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ìsinmi, tàbí kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́ di ọdún mìíràn.

Mo sì sọ iye tí èrè náà lè tó fún un. Nínú ìwádìí Benjamin Levine àti James Stray-Gundersen tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, àwọn tó gbé ní nǹkan bí mítà 2,500, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sáré ní mítà 1,250, fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 13 yára sí i nínú eré mítà 5,000. Ìdá kan àti díẹ̀ nínú 100 nìyẹn. Àwọn tó gbé lókè tí wọ́n tún ń sáré lókè gba ẹ̀jẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n wọn kò yára sí i, nítorí afẹ́fẹ́ òkè kò jẹ́ kí wọ́n sáré kíkankíkan tó. Bí a bá tilẹ̀ gbà pé irú ìdá bẹ́ẹ̀ lè hàn nínú eré gígùn, ẹni tó ń parí Máratọ́ọ̀nì ní wákàtí mẹ́rin kò ní jèrè ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Omi tí kò mu tó ní kìlómítà 30 lè gba ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò méjì ni mo gba gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ níyànjú pé kí ó ṣe, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Èkíní ni fẹ́rítììnì, èyí tó ń fi hàn bí èròjà irin tí ara tò jọ ṣe pọ̀ tó. Mùdùnmúdùn kò lè mọ hẹmogilóbíìnì láìsí irin, bí EPO ti wù kó ga tó. Sárésáré tí irin rẹ̀ kò tó lè gbé oṣù kan lórí òkè kí ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ni èyí máa ń bá jù. Dókítà ni yóò sọ bóyá oògùn irin yẹ, nítorí irin tó pọ̀ jù náà ń ṣe ara ní jàǹbá.

Èkejì ni jẹ́nótáìpù, èyí sì kọjá ọ̀rọ̀ eré ìje. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni AS. Níbí, AS kì í sábà yọ ènìyàn lẹ́nu. Lórí òkè, níbi tí ọ́síjìn ti dín kù, tí iṣẹ́ sì pọ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè tẹ̀ kọdọrọ, kí ó sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko, tí wọn kò sì mọ̀ pé AS ni wọ́n. Bí ó bá ṣe ènìyàn, yóò ní ìrora mímúná lábẹ́ egungun ìhà òsì, ó sì lè máa bì tàbí kí ara rẹ̀ gbóná. Kí ó má ṣe sùn mọ́ ọn di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn, kí wọ́n sì mú un sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dán irú ìrìn àjò yìí wò láìgba ìmọ̀ràn dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ jẹ́nótáìpù ara wa títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀. Ẹni tó bá ń ronú nípa Iten kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà náà.